Kí Ìkòkò Tó Gorí Iná: Àtẹ̀jíṣẹ́ Alásè Lórí Owó Tó Kù

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Alásè ni mí n'Íbàdàn, ọdún kẹrin rèé tí mo ti dá dúró. Mo gba iṣẹ́ ìnáwó òkú màmá àgbà kan, àwo 300, ₦4,500 àwo kan, Sátidé ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá. Àkọ́bí màmá náà ló bá mi dúnàádúrà, wọ́n ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ dáadáa. Wọ́n ti san ₦700,000 sílẹ̀, a sì jọ sọ ọ́ pé wọ́n á san ìyókù kó tó dọjọ́ náà. Mo fẹ́ béèrè owó yẹn báyìí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń rí wọn fín. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tún un ṣe:*

*«Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú o, mo kàn ní kí n rán yín létí bálánsì wa yẹn ni. Nǹkan ti wọ́n gan-an lọ́jà, ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fi ránṣẹ́ kó tó dọjọ́ náà, torí àwọn oníbàárà kan ti já mi kulẹ̀ rí, mi ò sì lè fi owó ara mi sè é. Tí owó ò bá wọlé, mi ò ní lè wá o. Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún àpò yín.»*

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, ojú alásè ni mo fi kà á, gbogbo rẹ̀ ló sì yé mi, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí lára bí ọjọ́ ìnáwó bá ń sún mọ́lé tí owó ò tíì pé. Ìgbà kejì, mo fi ara mi sípò bàbá tó ń sin ìyá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, oníkánópì ń pè é, àwọn onílù ń pè é, ẹni tó ń tún ibojì ṣe ń pè é, àwọn ẹbí nílé ń béèrè owó màlúù. Ó ṣí fóònù rẹ̀ láàárín gbogbo ariwo yìí, ó ka ọ̀rọ̀ rẹ tán, kò rí iye owó, kò rí ọjọ́, kò rí ibi tó máa san án sí. Ohun kan ṣoṣo tó rí dì mú níbẹ̀ ni pé ọkàn alásè ò balẹ̀. Yóò dá ọ lóhùn pé «Kò sí wàhálà, a máa ṣe é», yóò sì gbé fóònù sílẹ̀. Tọkàntọkàn ló fi máa sọ ọ́ o. Àmọ́ «a máa ṣe é» kì í ra ata.

Ká tó dé orí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa dùn létí, jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ «kó tó dọjọ́ náà» tí ẹ jọ fẹnu kò sí ni. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kó tó dọjọ́ náà ṣì ni. Bí owó bá wọlé sọ́wọ́ rẹ ní wákàtí yẹn, bàbá ti mú àdéhùn ṣẹ, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Ìwọ ni o kò ní rí ohun tó o máa fi owó náà rà mọ́. Nítorí náà, ohun tó o fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn kì í ṣe owó nìkan. Ọjọ́ lo fẹ́ béèrè, ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti inú iṣẹ́ rẹ jáde wá, kó má jẹ́ pé o kàn mú un láti ojú òfuurufú.

Ṣírò rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Lóru Ẹtì mọ́jú Sátidé, ìkòkò ìrẹsì ti gbọ́dọ̀ wà lórí iná. Ọjọ́ Ẹtì fúnra rẹ̀, ẹran gígé, bíbọ̀ àti díndín ló máa jẹ ẹ́ tán, pẹ̀lú ẹ̀wà moinmoin tó ní láti wọ omi. Ọjọ́bọ̀ ni ata, láàárọ̀ kùtù ní Bódìjà, kí oòrùn tó pa á. Wàá lọ̀ ọ́, wàá sì gbé e kaná lọ́jọ́ náà gan-an títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, torí o mọ̀ pé ata lílọ̀ tí a ò bá sè máa ń kan. Ó wá ku adìẹ. Bí o bá gé adìẹ kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, àwo 300 á gba 38, wàá sì mú un lọ sí 40 nítorí èyí tó bá já tàbí tó bá kéré jù. Adìẹ ayéyin tó ti gbó, tí kì í fọ́ nínú epo, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún ìnáwó, ọ̀dọ̀ ọlọ́sìn ni a sì ti ń rà á. Ọlọ́sìn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í pa 40 adìẹ, kó sì hú ìyẹ́ wọn, láìjẹ́ pé owó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kí adìẹ tó lè wà nílé rẹ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, o gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́rú.

Ibi tí ọjọ́ rẹ ti jáde nìyẹn. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10, ni owó gbọ́dọ̀ ti pé sínú àkáǹtì rẹ.

Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ sọ ọ́ di Ọjọ́bọ̀ kó má baà dà bíi pé ò ń le bàbá. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ báńkì orí fóònù ló ní iye tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́. Bí ti ẹni tó fẹ́ sanwó bá dúró sí ₦200,000, ọjọ́ mẹ́rin ló máa fi san ₦650,000, àyàfi tó bá lọ sí báńkì fúnra rẹ̀. Ìgbà míì sì wà tí owó á kúrò níbì kan, tí kò ní dé ibi kejì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n, tí gbogbo ìlú ń tò sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń pọ owó, tí tírànsífà náà sì ń há sójú ọ̀nà. Ọmọlúàbí ni oníbàárà mi. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló fi owó ránṣẹ́, báńkì rẹ̀ yọ ọ́, ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì ló tó dé ọ̀dọ̀ mi. Sátidé ni a ti jẹun tán. Àwìn ni mo fi ra ẹran, àwìn ni mo fi ra ata, mo sì ń tọrọ ìforíjì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà tí mi ò jẹ ní kọ́bọ̀ rí. Èmi àti oníbàárà yẹn, kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì nínú wa. Láti ìgbà náà ni Ìṣẹ́gun ti di ọjọ́ mi, kí Ọjọ́rú lè wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá ní láti lọ bá báńkì rẹ̀.

Wàyí o, jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ tó o kọ.

«Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú o» ni mo máa kọ́kọ́ yọ. Mo mọ ohun tó o ní lọ́kàn, àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀, o sì fẹ́ rẹ ara rẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọrọ àforíjì ti gbà pé òun ṣẹ̀. Kí lo ṣẹ̀? Owó tí ẹ jọ fẹnu kò sí lò ń béèrè. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, ńṣe lò ń sọ fún bàbá pé ìbéèrè náà tóbi ju ẹ̀tọ́ rẹ lọ, òun náà sì lè gbà bẹ́ẹ̀. Ìkíni ni kó o fi bu ọlá fún wọn, fi «ẹ» àti «wọn» àti «sà» bu ọlá fún wọn. Nínú iye owó àti ọjọ́, sọ̀rọ̀ gaara. Kò sí àfojúdi nínú kéèyàn pe ₦650,000 ní orúkọ rẹ̀. Àgbàlagbà tó ń ṣe ìnáwó mọ rírì ẹni tí kò jẹ́ kó máa ṣírò.

«Bálánsì wa yẹn» kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn tí bàbá náà jẹ ní bálánsì lọ́sẹ̀ yẹn á tó mẹ́fà. Ó lè má rántí mọ́ bóyá ₦700,000 ló san fún ọ tàbí ₦750,000. Bó bá ní láti padà lọ wá a nínú fóònù rẹ̀, ó ti sún un di ọ̀la nìyẹn.

«Nǹkan ti wọ́n gan-an lọ́jà» léwu ju bó o ṣe rò lọ. Òótọ́ ni, nǹkan wọ́n. Ṣùgbọ́n bí alásè bá dárúkọ ọ̀wọ́n ọjà nínú ọ̀rọ̀ owó, ohun tí onínàáwó máa gbọ́ ni pé iye tí a sọ tẹ́lẹ̀ fẹ́ yí padà. Ó máa dúró kó o sọ èyí tó kù, kò sì ní san nǹkan kan títí o fi máa sọ ọ́. Tàbí kóun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ: «Ìyàwó, ṣé o ò lè dín in kù?» O ti ṣí ọjà tí ẹ ti pa tì padà. Bí iye àwo kò bá yí padà, má dárúkọ ọ̀wọ́n rárá.

Èyí tí mo fẹ́ kó o ronú lé jù ni «àwọn oníbàárà kan ti já mi kulẹ̀ rí». Ó dùn ọ́, mo mọ̀, ó sì yẹ kó dùn ọ́. Àmọ́ bàbá yìí kò jẹ ọ́ rí. Ó san ju ìdajì lọ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í san tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá to òun àti àwọn ajẹgbèsè yẹn sínú gbólóhùn kan, ibẹ̀ gan-an ni ìrífín tí ò ń sá fún wà, kò sí nínú bíbéèrè owó. Òun náà ni ti «mi ò lè fi owó ara mi sè é». Kò sẹ́ni tó ní kó o fi owó ara rẹ sè é.

«Tí owó ò bá wọlé, mi ò ní lè wá o.» Bi ara rẹ léèrè, ṣé lóòótọ́ ni o ò ní lọ? O ti gba ₦700,000, o sì ti fi ra ìrẹsì àti òróró. Òkú ìyá àgbà ni, àlejò á ti wá láti ìlú mẹ́ta. Tó bá dọjọ́ náà, wàá lọ, èmi náà máa lọ, bàbá yẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìhalẹ̀ tí ẹni tí a ń halẹ̀ mọ́ ti mọ̀ pé kò lè ṣẹ, ó kàn ń ba ojú èèyàn jẹ́ lásán ni. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ bí owó bá pẹ́ ni kó o sọ. Èyí tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé adìẹ ò ní sí. Ìyẹn kì í ṣe ìhalẹ̀, ètò ọjà ni, ó sì wúwo ju ìhalẹ̀ lọ.

Ti àdúrà ìparí, mo mọ̀ pé inú rere lo fi gbà á, ṣùgbọ́n ó kọjá lára ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìyá wọn ló kú. Fi ìyá náà ṣáájú. «Ẹ kú ìnáwó» dára, torí màmá àgbà ni, àṣeyẹ ni wọ́n ń ṣe. «Ẹ̀yìn wọn á dára» dára jù ú lọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́ ló kú, a kì í kí wọn bẹ́ẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tiẹ̀ pe alásè.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

«Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú wàhálà lórí ètò màmá. Ẹ̀yìn wọn á dára.

Alásè yín ni, lórí oúnjẹ Sátidé ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, àwo 300.

Gbogbo owó: ₦1,350,000
Ẹ ti san: ₦700,000
Ó ku: ₦650,000

Ọjọ́rú ọjọ́ 11 ni mo máa san owó adìẹ fún ọlọ́sìn, Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ra ata. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi san ₦650,000 tó kù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, ó pẹ́ tán. Àkáǹtì tí ẹ san àsansílẹ̀ sí náà ni, kò yí padà.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì nínú ẹbí ló máa san án, ẹ fi nọ́mbà wọn ránṣẹ́ sí mi, kí n má baà máa dà yín láàmú láàárín ètò yìí.

Ẹ ṣeun sà. A ó ṣe é láyọ̀.»

Wo bí «ẹ jọ̀ọ́» ṣe jẹ́ ẹyọ kan, ó sì wà níbi tó ti wúlò, nídìí ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe gan-an. Wo bí owó ṣe dúró lórí ìlà mẹ́ta. Bàbá kò ní láti fi ọkàn yọ owó kúrò nínú owó, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ jiyàn, ìlà tó fẹ́ jiyàn lé lórí á hàn kedere. Mo dárúkọ adìẹ àti ata, mi ò dárúkọ ìdààmú mi. Ọlọ́sìn adìẹ ló ń béèrè owó nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ kọ́. Ẹni tó bá kà á á rí i pé ọjọ́ 10 kì í ṣe ọjọ́ tí alásè kàn fẹ́.

Ti àkáǹtì, jọ̀ọ́ mú un ní pàtàkì. Àwọn ọlọ́ṣà orí fóònù máa ń fi orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ ránṣẹ́ sí onínàáwó pé àkáǹtì ti yí padà. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n san án sí àkáǹtì mìíràn lóòótọ́, má fi àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan sọ ọ́. Pè wọ́n, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ. Bó bá ṣeé ṣe, fi àkáǹtì àkọ́kọ́ yẹn parí iṣẹ́ náà.

Gbólóhùn tó sọ nípa ẹlòmíì nínú ẹbí lè dà bí ohun kékeré lójú rẹ, òun ló sì ti gba owó fún mi jù. Ìnáwó òkú kì í jẹ́ owó ẹnì kan. Ọmọ màmá lè jẹ́ márùn-ún, kí wọ́n ti pín in: ọ̀kan gba oúnjẹ, ọ̀kan gba ohun mímu, ọ̀kan gba àwọn onílù. Àkọ́bí tó bá ọ dúnàádúrà lè má jẹ́ ẹni tí oúnjẹ já lé léjìká. Ó lè jẹ́ àbúrò wọn obìnrin tó wà l'Ékòó tàbí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń dúró dè, ojú sì lè máa ti bàbá láti sọ ọ́ fún ọ. Gbólóhùn yẹn ṣí ilẹ̀kùn fún wọn láìjẹ́ pé o bi wọ́n léèrè ẹni tó ń sanwó nílé wọn. Èyí náà ló fà á tí mo fi kọ ọjọ́ ìnáwó àti iye àwo sínú rẹ̀, bí bàbá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sáàárín ara wọn, ẹni tí kò rí ọ rí á sì kà á. Ó gbọ́dọ̀ yé òun náà láìbi ẹnikẹ́ni.

Nítorí ìdí yìí kan náà, má fi ohùn gbà á sórí wasáàpù. Ohùn dùn fún ìkíni, kò dára fún owó. Ta ló máa tún gbọ́ ohùn ìṣẹ́jú méjì kó lè rí iye tó kù? Má sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú ẹgbẹ́ wasáàpù ẹbí bí wọ́n bá ti fi ọ́ síbẹ̀. Owó tí a béèrè lọ́wọ́ àgbà lójú àwọn àbúrò rẹ̀ ti di ẹ̀sùn.

Kó o tó fi ránṣẹ́ rárá, pè wọ́n. Kí wọn dáadáa, béèrè àlàáfíà ilé, bi wọ́n bóyá iye èèyàn ṣì jẹ́ 300. Lẹ́yìn náà ni kó o sọ pé, «Bàbá, mo máa kọ ètò owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí yín kó lè wà lákọsílẹ̀.» Kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wá dé lẹ́yìn ìpè yẹn, kò ní já lù wọ́n. Kì í ṣe àjèjì mọ́, ohun tí ẹ ti jọ sọ ló padà wá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, ni kó o fi ránṣẹ́, láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko á wà láàárín rẹ̀ àti ọjọ́ 10, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń wọlé láàárín àkókò náà, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ dá owó ẹbí á ti rí nǹkan mú jáde. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, bí o kò bá tíì rí i, fi kúkurú ránṣẹ́: «Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Lórí ₦650,000 oúnjẹ, Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ọjọ́ rẹ̀. Ẹ ṣeun sà.» Má tún gbogbo àlàyé ṣe, ó ti wà lókè lójú fóònù wọn. Nírọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun fúnra rẹ̀, ìpè ni, kì í ṣe ìwé.

Bí wọ́n bá san apá kan ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, má sì bínú sí i. Dá wọn lóhùn kíákíá: «Ẹ ṣeun sà, mo ti rí ₦400,000. Ó ku ₦250,000. Èyí tó wọlé yìí máa gba adìẹ àti ata, ₦250,000 tó kù ni ẹran àti gáàsì ọjọ́ Ẹtì.» O rí i pé owó kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń dúró dè é. Àwọn náà á mọ ohun tó máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ìyókù bá pẹ́.

Bí kò bá sì sí nǹkan kan títí di àárọ̀ Ọjọ́rú, ibẹ̀ ni kó o ti fi iṣẹ́ rẹ hàn. Owó adìẹ ní láti wà ní ọwọ́ ọlọ́sìn ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹran màlúù, o lè rà á ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, kó o gé e, kó o bọ̀ ọ́, kó o sì dín in lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ohun tó o máa sọ fún bàbá ni pé: «Sà, ọjọ́ adìẹ ti fẹ́ kọjá o. Bí owó bá wọlé kó tó di aago méjìlá ọ̀sán òní, adìẹ náà ni. Bó bá di ọ̀la, ẹran màlúù ni mo máa fi rọ́pò adìẹ nínú àwo. Èwo ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?» Gbólóhùn yìí kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Yíyàn ló gbé síwájú wọn, òótọ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ adìẹ yẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹbí dìde, torí kò sí ọmọ olóòkú tó fẹ́ kí àlejò sọ pé kò sí adìẹ nínú oúnjẹ ìyá òun. Kọ èsì wọn sílẹ̀ lórí wasáàpù bí wọ́n bá fi ẹnu sọ ọ́: «Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ, ẹran màlúù ni.» Kò ní di ìjà lọ́jọ́ Sátidé.

Ibì kan wà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ò lè dé. Bí bàbá bá ní òun kò gbà ọjọ́ 10, pé «kó tó dọjọ́ náà» ni ẹ sọ, òótọ́ ló sọ, o kò sì ní ìwé kankan tó lòdì sí i. O lè bẹ̀ wọ́n, o lè ṣàlàyé ti adìẹ, o ò lè ní ó pọn dandan. Fún iṣẹ́ tó ń bọ̀, ọjọ́ tí o bá gba àsansílẹ̀ ni kó o ti kọ ọ́ síbi tí o kọ iye àwo sí, pé Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìnáwó ni owó máa pé. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ á wá di ìránnilétí lóòótọ́, kò ní jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ọjọ́ náà.

Bí wọ́n bá sì fi àwo 50 kún un lẹ́yìn tí o ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, má pa á pọ̀ mọ́ ₦650,000. Owó àwo 50 jẹ́ ₦225,000, kọ ọ́ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ kan náà. Bí o bá da méjèèjì pọ̀ di ₦875,000, ẹni tó ti múra ₦650,000 sílẹ̀ á ní ká dúró ká tún un ṣírò, èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tún há.

Nígbà tí wọ́n bá fi àwòrán tírànsífà ránṣẹ́ sí ọ, dúpẹ́, ṣùgbọ́n má dáhùn pé o ti rí owó àfi tó o bá ti ṣí àkáǹtì rẹ, tí o rí i pé iye tó wà níbẹ̀ ti lọ sókè. Àwòrán kì í ṣe owó, áláàtì orí fóònù náà sì ṣeé ṣe ayédèrú. Má fura sí bàbá o, owó tó há sójú ọ̀nà máa ń ní àwòrán tiẹ̀ náà. Bó bá ti dé lóòótọ́, kọ ọ́ báyìí: «Ẹ ṣeun gan-an sà. ₦650,000 ti wọlé lónìí, Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10. Owó oúnjẹ ti pé, kò ku kọ́bọ̀.» Wọ́n máa fi èyí náà ránṣẹ́ sáàárín ara wọn, ara gbogbo ẹbí á sì balẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, má dárúkọ owó fún bàbá yẹn mọ́ títí ìnáwó á fi parí. Aago tí ọkọ̀ oúnjẹ máa dé ni kó o máa bá wọn sọ.